Àrá kọ́ ló jó abà wa, ògúnná ni

Owó àgbò ló kọ́kọ́ ń dùn mí o, kí n tó wá sọ ti ilé. Àgbò, orógbó, epo pupa, owó mọ́tò àwọn tó wá, gbogbo ẹ̀ lé ní ₦120,000, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí ìyá mi fi ń sùn nílé onílé, torí pé àwọn àgbà wa ní àrá ló jó abà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀ títí àwọn Oníṣàngó á fi dé.

Abà wa wà lẹ́yìn Ògbómọ̀sọ́, lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ilé alámọ̀ ni gbogbo ẹ̀, koríko bẹẹrẹ la fi bò wọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni, ẹ mọ àsìkò yẹn, ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ koríko orí ilé dé egungun, òjò àkọ́rọ̀ sì máa ń gbé ìjì wá ṣáájú. Ìyàwó àbúrò mi ń yan gàrí nílé ìdáná. Nígbà tójú ọ̀run ṣú, ó fi eérú bo ògúnná bí gbogbo obìnrin abà ṣe máa ń ṣe kí iná ọ̀la má bàa kú, ó gbé gàrí sá wọlé. Ìjì dé, àrá ń sán, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ilé ìdáná, ilé ìyá mi àti àká àgbàdo ti lọ. Èèyàn kankan ò kú, mo dúpẹ́.

Ibi tí wàhálà ti wá bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ Baálé abà ní òun gbọ́ àrá kó tó di pé òun rí iná, nítorí náà àrá ni. Mi ò bú òrìṣà o, wọn ò bí mi dáadáa tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àrá ló jó o, a jẹ́ pé kò sí ohun tá a lè tún ṣe, ẹ máa kọ́lé padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ máa dáná bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Mo ní "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ ọ̀hún ná." Wọ́n ní ọmọ ìlú ńlá lèmi, kí ni mo mọ̀. Òkú ilé wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, òjò ń rọ̀ sí i, ògiri tó kù ń rọ̀ dà sílẹ̀. Ògiri tí kò lórùlé ò lè gba òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ẹni tó bá fi amọ̀ kọ́lé rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí iná ò bàjẹ́, ìdúró yẹn ló bà á jẹ́.

Nígbà tí àwọn Oníṣàngó wá dé, bàbá àgbàlagbà kan ló ṣáájú wọn. Mo rò pé wọ́n kàn máa bẹ̀rẹ̀ ètùtù ni, àmọ́ bàbá yìí kọ́kọ́ yí abà po. Ó lọ sídìí ọ̀pẹ tó ga ju gbogbo ilé lọ, ìṣísẹ̀ méjì péré sí ilé ìyá mi, ó fọwọ́ pa á lára, kò rí ibi tó là, kò rí ibi tó jó. Ó wọ ilé ìdáná, ó sì pè mí. Ògiri ẹ̀yìn ààrò ti pọ́n bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, pípọ́n yẹn bẹ̀rẹ̀ tínrín nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó wá ń fẹ̀ lọ sókè. Ògiri yòókù dúdú lásán ni. Bàbá ní "Àrá kì í ti ìdí ààrò gòkè. Mi ò ní wá ẹdùn àrá níbí." Inú mi dùn débi tí mo fẹ́ jó! Baálé ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣáà jẹ àgbò náà ṣá.

Lẹ́yìn ìyẹn lèmi náà wá sọ tèmi. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ lọ́dọ̀ wa, láti ìlà oòrùn ló sábà ń wá. Ilé Baálé wà ní ìlà oòrùn ilé ìdáná, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré, iná ò kàn án. Ilé ìyá mi wà ní ìwọ̀ oòrùn, òun ló jó. Ìjì fẹ́ eérú kúrò lórí ògúnná, ó gbé iná tó ń ta sórí koríko, ó parí.

Kíkọ́lé fúnra ẹ̀, mi ò ní fi gùn yín, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀. Ibi tá a fi ilé ìdáná sí ló ṣe pàtàkì. Mo gbé e lọ sí ìwọ̀ oòrùn gbogbo ilé, kí ìjì àti ọyẹ́ máa gbé iná lọ sí oko, torí ọyẹ́ náà apá àríwá ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́. Atẹ́gùn ìwọ̀ oòrùn ń fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ àsìkò òjò ló pọ̀ jù, koríko ti tutù nígbà yẹn. Ti àyè tó wà láàárín, Baálé ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin tó, bẹ́ẹ̀ ni bàbá wọn ṣe é. Mo mú téèpù, mo wọn àárín ilé ìdáná àti ilé ìyá mi tó jó: láti ògiri sí ògiri, ó tó mítà mẹ́ta ààbọ̀, àmọ́ koríko yọ síta tó mítà kan lápá kọ̀ọ̀kan, tí etí òrùlé sí etí òrùlé fi jẹ́ mítà kan ààbọ̀ péré. Igi ìdáná àti pòpórò àgbàdo tún wà nínú àyè yẹn! Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń ṣètò àgọ́ fún àwọn asásálà ní tí ilé bá jẹ́ ti koríko, kí àyè àárín tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin gíga ilé. Ilé wa ga tó mítà mẹ́ta, a jẹ́ pé mẹ́sàn-án sí méjìlá. Mẹ́sàn-án la rí, torí oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíì ló kàn, a sì kó gbogbo pòpórò kúrò.

Mo tún ní kí wọ́n ṣe àjà alámọ̀ sínú ilé ìyá mi, kí iná orí òrùlé má tètè bọ́ sórí ẹrù. Ọparun tínrín la kọ́kọ́ lò, amọ̀ tó nípọn bí ìka mẹ́rin wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, apá kan wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Igi líle tí a tò súnmọ́ra la padà fi ṣe é. Tí òrùlé bá ń jò, amọ̀ yẹn á máa rọ̀, ẹ máa tọ́jú koríko orí ẹ̀. Ọ̀pẹ yẹn la gé, torí àrá tó bá bọ́ sórí igi tó súnmọ́ ilé lè fò bọ́ sára ilé. Baálé bínú nítorí ẹyìn.

Mítà mẹ́sàn-án ò ní dá iná tó ń ta tí ìjì bá gbé dúró pátápátá o. Ògúnná, kò sẹ́ni tó ń fi eérú nìkan bò ó mọ́ lọ́dọ̀ wa, inú ìkòkò amọ̀ onídèérí ló ń lọ. Ìyàwó àbúrò mi ló ń fi ẹnu bá mi jà báyìí: tí òjò bá ń rọ̀, ó máa gbé àmàlà la mítà mẹ́sàn-án kọjá kó tó débi tí wọ́n ti fẹ́ jẹ ẹ́, ó ti di omi. Mo ti ra kúlà onídèérí kan fún un. Ó ní kò tó.