Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ owó orí àti aago iṣẹ́ Amẹ́ríkà láti Àkúrẹ́

Ilé-iṣẹ́ kan ní Niu Yọ́ọ̀kì fẹ́ kí n máa bá wọn ṣiṣẹ́ láti ilé mi l'Ákùúrẹ́, àmọ́ fọ́ọ̀mù owó orí tí wọ́n ń pè ní W-9 ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Mo béèrè W-8BEN, èyí tó wà fún àwọn tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, mo sì kọ lẹ́tà mọ́ ọn pé Nàìjíríà ni gbogbo iṣẹ́ náà ti ń wáyé, kí wọ́n má bàa yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó mi fún owó orí Amẹ́ríkà. Owó orí tèmi, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ni ín.

Aago ló gba àròjinlẹ̀ jù. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn ni aago méjì ọ̀sán wa, ṣùgbọ́n ó ń di mẹ́ta láti Oṣù Kọkànlá, torí wọ́n máa ń yí aago tiwọn padà. Mo ní kí wọ́n kọ aago Nàìjíríà sínú àdéhùn: méjì ọ̀sán sí mẹ́wàá alẹ́, jálẹ̀ ọdún. Wọ́n gbà.