Ìrírí mi: Bí mo ṣe fi ₦75,000 ra ọjọ́ 3 tí kò wúlò fún mi

Káfíńtà ni mo san owó náà fún. Ṣọ́ọ̀bù olójúlé mẹ́rin là ń kọ́ fún Alájì kan ní Gáńmọ̀, lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo ti fẹnu ara mi sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ 40 ni n ó fi parí ẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ọjọ́ ń lọ, mo pe káfíńtà, mo ní kó kó ọmọ iṣẹ́ kún ọmọ iṣẹ́, kó bá mi fi ọjọ́ 3 kan òrùlé tó yẹ kó gba ọjọ́ 6. Ó ṣe é lóòótọ́, páànù náà ń dán gbinrin. Ọjọ́ karùndínláàádọ́ta la ṣì parí iṣẹ́, bí ẹni pé n ò ná kọ́bọ̀. Alájì yọ ₦50,000 nínú owó mi nítorí àwọn tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ṣe ń to iṣẹ́ ilé kíkọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ, mo sì ti kọ́ wọn ní kírítíkà páàtì, ìyẹn bí a ṣe ń mọ àwọn iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ rárá, láìmọye ìgbà pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí n ò mọ ibi tó ti wá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo nu bọ́ọ̀dù mọ́, mo kọ iṣẹ́ Gáńmọ̀ sí i. Èyí tó wà níbẹ̀ nìyí:

| Iṣẹ́ | Ọjọ́ | Ohun tó ń dúró dè |
|---|---|---|
| Ìpìlẹ̀ | 9 | kò sí |
| Blọ́ọ̀kù àti lẹ́ntù | 10 | ìpìlẹ̀ |
| Òrùlé | 6 | lẹ́ntù |
| Páìpù iná nínú ògiri | 3 | lẹ́ntù |
| Ìlẹ̀kùn irin lọ́dọ̀ wẹ́dà | 20 | lẹ́ntù |
| Rírẹ́ ilé àti ilẹ̀ | 8 | òrùlé àti páìpù iná |
| Fífi ìlẹ̀kùn | 2 | ìlẹ̀kùn irin àti rírẹ́ |
| Ọ̀dà | 4 | fífi ìlẹ̀kùn |

Ọjọ́ iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, a kì í ka Sunday mọ́ ọn. Ẹni tí ò tíì kọ́lé rí lè máa wò ó pé kí ló dé tí ìlẹ̀kùn fi ń dúró de lẹ́ntù. Wẹ́dà ló ní òun ò ní gé irin títí òun ó fi fi tépù wọn ojú ibẹ̀ fúnra òun, nítorí ojú ọ̀nà mẹ́rin tí bíríkìlà kan náà fi sílẹ̀ lè yàtọ̀ síra ní íǹṣì méjì. Mi ò lè bá a jà, ó ti jẹ gbèsè irú ẹ̀ rí.

Kíka lọ síwájú kò fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà. Ìpìlẹ̀ parí ní ọjọ́ 9, lẹ́ntù ní 19. Láti ibẹ̀, òrùlé parí ní 25, páìpù iná ní 22, ìlẹ̀kùn irin ní 39. Rírẹ́ ń dúró de òrùlé àti iná, 25 ló pẹ́ jù nínú méjèèjì, nítorí náà 25 ló bẹ̀rẹ̀, ó parí ní 33. Fífi ìlẹ̀kùn ń dúró de 33 àti 39, 39 la mú, ó di 41. Ọ̀dà gbé e dé 45. Kíláàsì pariwo. Ọjọ́ 45 tí mo lò ní Gáńmọ̀ gan-an ni, ó wà lórí bọ́ọ̀dù fún ẹni tó bá fẹ́ kà á kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ibi tí gbogbo wa ti wọ̀ gàù ni kíka padà sẹ́yìn. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló gbà, kò sì yẹ kó kọjá ogún ìṣẹ́jú. A ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀: ọ̀dà gbọ́dọ̀ parí ní 45, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kọjá 41. Fífi ìlẹ̀kùn, 39. Ìlẹ̀kùn irin kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kọjá 19. Rírẹ́ lè dúró títí di 31, òrùlé títí di 25, páìpù iná títí di 28. Ó ku lẹ́ntù, tí iṣẹ́ mẹ́ta ń jáde láti ara rẹ̀. Mo ní, “Ọjọ́ wo ni lẹ́ntù kò gbọ́dọ̀ kọjá?” Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, “Méjìdínlọ́gbọ̀n, sà!”

Mo ní kì í ṣe 28. Wọ́n ní òun ni. Ọmọkùnrin kan tó ń jókòó níwájú tilẹ̀ dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé iye tó pọ̀ jù la ó máa mú níbi tí ọ̀nà bá ti pàdé.” Ó sì tọ̀nà, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo kọ òfin rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù: lílọ, mú èyí tó pọ̀ jù; bíbọ̀, mú èyí tó kéré jù. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fún wọn ní àpẹẹrẹ kékeré kan ṣe, ìdajì wọn tún mú èyí tó pọ̀ jù. Inú bí mi débi pé mo gbé ṣọ́ọ̀kì jù sílẹ̀, mo jáde lọ ra omi.

Ìyá tó ń ta omi náà ló là mí lójú láìmọ̀. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ tètè gbé ẹ̀wà kaná lọ́la torí ọmọ òun ń lọ ṣe ìdánwò. Mo padà wọlé, mo ní, “Ìkòkò ẹ̀wà kan ṣoṣo ni ìyá kan gbé kaná. Ọmọ ń jáde ní aago 7, bàbá ní aago 8, àbúrò bàbá ní aago 9. Aago mélòó ni ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ jinná?” Wọ́n ní aago 7. Mo ní, “Ẹ dẹ̀ tún sọ pé 28?”

Kíláàsì dákẹ́. Lẹ́ntù ni ìkòkò ẹ̀wà. Ìlẹ̀kùn irin ló ń jáde ní 19, òrùlé ní 25, páìpù iná ní 28. Bí lẹ́ntù bá pẹ́ dé 28, wẹ́dà ti pẹ́ ní ọjọ́ 9. Ọmọkùnrin iwájú yẹn tún dìde, ó ní, “Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá lè jókòó de aago 9 sà.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìjókòó rẹ̀ yẹn là ń pè ní àyè. Mi ò bá ọmọ náà bínú mọ́.

Àyè ni iye ọjọ́ tí iṣẹ́ kan lè fi pẹ́ láìba ọjọ́ ìparí jẹ́. Ẹ yọ ìbẹ̀rẹ̀ tó yá jù kúrò nínú ìbẹ̀rẹ̀ tó pẹ́ jù. Ìpìlẹ̀, lẹ́ntù, ìlẹ̀kùn irin, fífi ìlẹ̀kùn àti ọ̀dà kò ní àyè kankan. Ojú ọ̀nà líle nìyẹn, òun ni kírítíkà páàtì, ọjọ́ kan tó bá sọnù níbẹ̀ ti sọnù lára ilé. Páìpù iná ní ọjọ́ 9. Òrùlé ní 6, rírẹ́ ní 6.

Ẹ ṣọ́ra fún 6 méjì yẹn. Wọn kì í ṣe 12. Ọjọ́ 6 kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń pín: bí káfíńtà bá fi 4 ṣòfò, 2 péré ló kù fún àwọn tó ń rẹ́. N kì í sọ fún káfíńtà pé ó ní àyè rárá, torí bó bá gbọ́, ó ti jẹ ẹ́ tán nìyẹn.

Ẹ wá wo ₦75,000 mi. Mo dín òrùlé kù láti 6 sí 3. Ó parí ní 22, rírẹ́ parí ní 30, a sì jókòó, a ń wo ilé tí ò ní ìlẹ̀kùn fún ọjọ́ 9. Gbogbo ohun tí mo rà ni kí ojú ihò mẹ́rin máa wò wá fún ọjọ́ 9 dípò 6, tí mo sì ń san owó ọdẹ tó ń ṣọ́ wáyà iná lóru.

Mo wá bi kíláàsì pé bí wẹ́dà bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ní a ó jèrè ọjọ́ 19 tó fi ń dúró de lẹ́ntù. Mo ní kí wọ́n kà á. Ìlẹ̀kùn irin parí ní 20, lẹ́ntù ní 19, òrùlé ní 25, rírẹ́ ní 33, fífi ìlẹ̀kùn ní 35, ọ̀dà ní 39. Ọjọ́ 6 péré la jèrè. Ojú ọ̀nà líle ti ṣí lọ, ó ti gba orí òrùlé àti rírẹ́, ìlẹ̀kùn irin ti wá ní àyè 13. Ibi tí owó káfíńtà ti lè ṣiṣẹ́ nìyí, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa tún un kà lẹ́yìn gbogbo àyípadà tẹ́ ẹ bá ṣe. Àtẹ oṣù tó kọjá lè máa tọ́ka sí ọ̀nà tí kì í ṣe líle mọ́.

Mo dán an wò níṣẹ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin mìíràn fún Alájì kan náà. Láti ṣẹ́gun ọ̀rọ̀ tépù wẹ́dà, mo ní kí káfíńtà fi pákó ṣe férémù kan ní ìwọ̀n ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní ìbú, 7 ní gíga, a fi ààbọ̀ íǹṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bíríkìlà ń gbé e sójú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń to blọ́ọ̀kù yí i ká, wẹ́dà náà sì fi férémù yẹn kan náà gé irin. Mo ń wọn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó da lẹ́ntù. Ọ̀kan ṣì wọ́, a fọ́ blọ́ọ̀kù mẹ́ta.

Ìlẹ̀kùn dé ní ọjọ́ 24, ó tilẹ̀ ń dí wa lọ́wọ́. Mo fún káfíńtà lówó lé, ó fi ọjọ́ 4 kan òrùlé dípò 6, a sì parí ní ọjọ́ 37. Alájì yìn mí níwájú gbogbo èèyàn. ₦50,000 ìgbà àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.