Àkàrà fúyẹ́ ju ẹ̀wà lílọ̀ rẹ̀ lọ: òróró dà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìkòròdú ni mo ti ń dín àkàrà tà. Oníbàárà mi kan tó ń ṣọ́ oúnjẹ ẹ̀ fẹ́ mọ iye ọ̀rá tó wà nínú àkàrà kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 900 ni ẹ̀wà lílọ̀ mi, àkàrà 30 tó jáde níbẹ̀ sì jẹ́ 780. Ó fi 120 dín. Ṣé àkàrà mi ò mu òróró rárá ni?

Ìdáhùn: Ó mu ún, ó sì mu ún dáadáa. Híhó tí ẹ ń rí lára àkàrà bó bá ti kan òróró gbígbóná, omi inú ẹ̀wà ló ń di oru tó ń jáde. Òróró náà ń wọlé, àmọ́ omi tó jáde ló pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n àkàrà nìkan ò fi lè sọ nǹkan kan fún yín. Òróró inú páànù ni kí ẹ wọ̀n.

Ká sọ pé ẹ da òróró lítà kan sínú páànù, tí ẹ wá gbé òun àti páànù sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó dá iná, tó jẹ́ gíráàmù 2,100. Ẹ dín gbogbo ẹ̀wà náà tán. Ẹ da èyí tó ro sínú abọ́ lábẹ́ asẹ́ padà sínú páànù, ẹ sẹ́ èérún àkàrà kúrò, kí ẹ sì fún òróró ara èérún náà padà, torí bí èérún bá wà nínú páànù nígbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n, ó máa dà bíi pé òróró ṣẹ́ kù ju bó ṣe rí lọ. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Òróró gbígbóná lè ba òṣùwọ̀n jẹ́, ó sì lè jó yín. Ẹ tún páànù kan náà wọ̀n: 1,905. Gíráàmù 195 ló lọ.

Kì í ṣe gbogbo 195 ló wọ inú àkàrà. Tíṣù tí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ fa díẹ̀. Ẹ wọ̀n tíṣù náà kó tó gba àkàrà àti lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá fi gíráàmù 15 wúwo sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò.

```
(2100 - 1905 - 15) / 30 = 6
```

Gíráàmù 6 òróró ló wà nínú àkàrà kan. Òróró jẹ́ ọ̀rá látòkè délẹ̀, gíráàmù kan rẹ̀ sì jẹ́ kálórì 9, nítorí náà kálórì 54 ni òróró nìkan fi kún un. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀rá púpọ̀, kò tó ìlàjì gíráàmù nínú àkàrà kan tó tó báyìí. Ẹ wá wo ohun tó dà yín láàmú: 900 tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ fi òróró 180 kún un, ẹ yọ 780 kúrò. Gíráàmù 300 omi ló bá oru lọ.

Fífọ́n tó ta sí ẹ̀gbẹ́ àdògán wà nínú iye yìí náà, torí náà ó lè ga díẹ̀ ju òótọ́ lọ. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rá. Kó ga díẹ̀ sàn ju kó kéré lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù mi kò dọ́gba, mo sì máa ń bu òróró kún páànù bí mo ṣe ń dín in. Báwo ni n ó ṣe pín in?

Ìdáhùn: Gbogbo òróró tí ẹ bù kún un, ẹ wọ̀n ọ́n kó tó wọ páànù, kí ẹ fi kún òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ike tó ní àmì lítà lẹ fi ń wọ̀n, lítà kan tó tutù tó gíráàmù 920, kì í ṣe 1,000.

Ẹ má pín in sí iye ẹyọ. Ẹ fi àpapọ̀ òróró tó wọlé pín sí àpapọ̀ òṣùwọ̀n pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tó ti jiná. Bí òróró bá jẹ́ 180, tí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù sì jẹ́ 1,200, gíráàmù kọ̀ọ̀kan gbé 0.15. Èyí tó wọn 40 ní 6, èyí tó wọn 60 ní 9. Àmọ́ kékeré máa ń mu ju bí òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe rí lọ, torí ara rẹ̀ tó kan òróró pọ̀ ju inú rẹ̀ lọ. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ẹ dín kékeré lọ́tọ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀. Ọ̀rá bọ́tà tàbí mílíìkì tí ẹ fi po ìyẹ̀fun, ẹ ka ìyẹn sọ́tọ̀ lára páálí tàbí agolo rẹ̀, kí ẹ fi kún un.

Ìbéèrè: Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́. Ẹ̀wà kan náà ni, síbẹ̀ tìrọ̀lẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òróró dà sílẹ̀, tàbí ẹ gbàgbé èyí tó wà lábẹ́ asẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fọ́ àkàrà ìrọ̀lẹ́ kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá tutù rinrin tí òróró sì yọ sí ọwọ́ yín, òróró kò gbóná tó kí ẹ tó dà á sí i, tàbí ẹ̀wà ti ṣàn jù. Ẹ wo bí ẹ ṣe gbé e kúrò náà: púpọ̀ nínú òróró máa ń wọ àkàrà lẹ́yìn tó bá kúrò nínú páànù, nígbà tó ń tutù, tí oru inú rẹ̀ ń rọlẹ̀ tó sì ń fa òróró ara rẹ̀ wọlé. Èyí tí ẹ gbọ̀n sórí asẹ́ kíákíá yàtọ̀ sí èyí tó jókòó sínú abọ́ pẹ̀lú òróró. Òṣùwọ̀n méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Iye tó bá bá bí ẹ ṣe máa ń dín in tà mu ni kí ẹ fún oníbàárà.