Báírò àti kéréyọ̀nù lára ògiri: bí a ṣe ń pa á rẹ́ láì bó ọ̀dà

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá kọ nǹkan sára ògiri, ẹ má fi kànrìnkàn ha á o. Ìda ló wà nínú kéréyọ̀nù, omi lásán kò ràn án. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù mú ọṣẹ ìfọyín funfun díẹ̀ (kì í ṣe èyí tó ń dán bíi jẹ́lì), ẹ rọra máa yí i lórí ilà náà, kí ẹ wá fi omi nù ún. Ti báírò, sípíríìtì ló ń tú u. Ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, ẹ máa fi tẹ ojú ilà náà. Bí ẹ bá nù ún síwá sẹ́yìn, íǹkì á tàn, gbogbo ibẹ̀ á di búlúù. Bí òwú bá ti gba íǹkì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dà sátíìnì àti gúlọ́ọ̀sì gba èyí dáadáa. Ẹ̀mọ́ṣọ̀n ni wàhálà wà, torí sípíríìtì máa ń rọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn ilẹ̀kùn: bí àwọ̀ ògiri bá ti ń jáde sára òwú, ẹ dúró níbẹ̀.