Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kì í pín owó ìfẹ̀yìntì: àṣìṣe àwọn èèyàn wa n'Ílùú Ọba

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe fún àwọn èèyàn wa lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ bá délẹ̀, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń jà lé lórí, ó di ọmọ, ó di mọ́tò. Owó ìfẹ̀yìntì kì í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi tí lọ́yà bá bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ ní NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Ìlú Ọba, fún ọdún mẹ́rìnlélógún, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lè ju ìpín rẹ̀ nínú ilé lọ fíìfíì.

Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélìsì ni mò ń sọ o. Ti Sikọ́tílándì yàtọ̀. Fún ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 2000, kọ̀ọ̀tù lè gé lára owó ìfẹ̀yìntì ọkọ tàbí ìyàwó, kí ohun tí wọ́n gé sì di ti ẹnì kejì pátápátá, ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Bàbá Tolú àti Ìyá Tolú ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ wọn àti iye owó wọn, èmi ni mo fi sí i. Ìyá Tolú ni nọ́ọ̀sì. Bàbá Tolú ń wa bọ́ọ̀sì, owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ kéré.

Má rò pé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀

Ìwé tó ní ẹ kì í ṣe tọkọtaya mọ́ kò sọ nǹkan kan nípa owó. Àṣẹ owó dá dúró, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ ti fẹnu kò, kọ̀ọ̀tù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bàbá Tolú àti Ìyá Tolú lè kọ àdéhùn sórí ìwé lójú àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì kò ní wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó kàn kó jáde tí wọn ò kọ ara wọn sílẹ̀ ńkọ́? Kọ̀ọ̀tù kò lè pín owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Ìkọ̀sílẹ̀, tàbí kí kọ̀ọ̀tù fagi lé ìgbéyàwó náà, ló ń ṣílẹ̀kùn yẹn. Ẹni tó sì ṣe ìdána nínú gbọ̀ngàn ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n jó, tí wọ́n náwó, tí wọn ò dé ìdí rẹ́jísírì, kò sí ìgbéyàwó lójú òfin ibẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ pín. Ó máa ń dun àwọn ìyá wa púpọ̀ tí mo bá ń túmọ̀ ibi yẹn fún wọn.

Àwọn mìíràn máa ń sáré lọ kọ ara wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà torí pé ó yá, kò sì wọ́n. Ìkọ̀sílẹ̀ náà lè dúró dáadáa, ṣùgbọ́n àjọ owó ìfẹ̀yìntì Ìlú Ọba kò ní fi àṣẹ kọ̀ọ̀tù Ìkẹjà gé owó ẹnikẹ́ni. Àṣẹ kọ̀ọ̀tù tiwọn ni wọ́n mọ̀. Ọ̀nà ṣì wà: òfin ọdún 1984 gba ẹni tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè láyè láti tọrọ àyè lọ́wọ́ kọ̀ọ̀tù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àpẹẹrẹ tó bá ti fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé fún ọdún kan gbáko kó tó bẹ̀bẹ̀. Àmọ́ tí ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ bá ti tún ìgbéyàwó ṣe, ilẹ̀kùn yẹn ti tì mọ́ ọn.

Má sáré gba àṣẹ ìkẹyìn

Ìkọ̀sílẹ̀ ibẹ̀ ní ìpele méjì. Àṣẹ àkọ́kọ́ yóò jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ kan, ẹni tó pe ẹjọ́ lè béèrè àṣẹ ìkẹyìn, èyí tó já okùn náà. Ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́.

Ká ní Bàbá Tolú ló pe ẹjọ́, ó sì gba àṣẹ ìkẹyìn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí àṣẹ owó ìfẹ̀yìntì ṣì wà lórí tábìlì lọ́yà. Ìyá Tolú kú lójijì lọ́jọ́ Fúráìdè. Bàbá Tolú kì í ṣe ọkọ olóògbé mọ́, nítorí náà owó tí NHS máa ń san fún ọkọ nọ́ọ̀sì tó kú kò kàn án. Àṣẹ pínpín náà kò sì tíì fìdí múlẹ̀. Ó pàdánù ọ̀nà méjèèjì.

Àṣẹ pínpín kì í ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó pé lẹ́yìn tí kọ̀ọ̀tù ti ṣe é, kì í sì í ṣiṣẹ́ kí àṣẹ ìkẹyìn tó jáde. Èyí tó bá kẹ́yìn nínú méjèèjì ni a ó fi kà á. Ohun tí àwọn lọ́yà tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á gba àṣẹ owó sọ́wọ́ ná, wọ́n á ka ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n náà pé, kí wọ́n tó béèrè àṣẹ ìkẹyìn.

Má fi owó ìfẹ̀yìntì wé owó ilé

Àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yóò kọ iye tí wọ́n ṣírò owó náà sí ránṣẹ́ síni, tí wọ́n ń pè ní CETV. Ká ní wọ́n kọ £300,000 fún Ìyá Tolú, £60,000 fún Bàbá Tolú. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £360,000, ìdajì jẹ́ £180,000. Kí Bàbá Tolú tó lè dé ibẹ̀, ó ku £120,000, ìyẹn ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ti Ìyá Tolú. Ìdá yẹn ni àṣẹ máa kọ, kì í ṣe iye owó. Bí CETV bá ti di £330,000 lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣírò rẹ̀ gan-an, £132,000 ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Bó bá wálẹ̀, tirẹ̀ náà á wálẹ̀.

Ìgbà yìí ni Ìyá Tolú máa sọ pé: "Bàbá Tolú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó iṣẹ́ mi sílẹ̀. Ẹ mú £120,000 lára owó ilé." Ó dà bíi pé ó dọ́gba. Kò dọ́gba. Owó ilé jẹ́ owó ọwọ́. Owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á gba owó orí lára púpọ̀ nínú rẹ̀, wọn ò sì lè ná an lónìí. Ibi tí èyí ti tẹ̀ sí apá kan, nǹkan mìíràn tún ń fà á padà. £300,000 yẹn kò sí nínú àpò kankan. Ìṣirò ni, lórí owó tí NHS ṣèlérí láti máa san lóṣooṣù títí ikú, tó sì ń gòkè bí ọjà ṣe ń wọ́n. Bí èèyàn bá fẹ́ fi owó ọwọ́ ra irú ìlérí bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ó lè ná an ju £300,000 lọ. Nítorí èyí ni a fi ń gbé e lọ fún amòye ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí nǹkan. Owó tí a san fún amòye náà máa ń dun èèyàn, ṣùgbọ́n mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti fi ilé ṣe pàṣípààrọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, ìyá tí ọ̀rọ̀ náà kàn sì ń ka ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kò sọ̀rọ̀.

Kí Bàbá Tolú sì mọ̀ pé kò lè kó ìpín rẹ̀ kúrò ní NHS lọ síbòmíràn. Inú rẹ̀ ni yóò wà, ní orúkọ rẹ̀, títí ọjọ́ orí tí ètò náà ń san án fi máa pé.

Má fi P1 sínú dúrọ́ọ̀

Àṣẹ tí kọ̀ọ̀tù ṣe máa ń ní ìwé àfikún kan tí wọ́n ń pè ní P1. Òun ló ń sọ fún àjọ náà ẹni tí wọ́n ń gé lára rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń gé e fún, àti ìdá tí wọ́n ń gé. Kì í ṣe kọ̀ọ̀tù ló ń bá ẹ gé owó. Àjọ náà ní oṣù mẹ́rin láti parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n oṣù náà kì í bẹ̀rẹ̀ títí tí gbogbo nǹkan fi pé lọ́wọ́ wọn: àṣẹ owó, P1, àṣẹ ìkẹyìn, ìsọfúnni nípa ẹ̀yin méjèèjì, àti owó iṣẹ́ wọn. Bí nǹkan kan bá ṣẹ́ kù, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ ìkà.

Bàbá kan wá sọ́dọ̀ wa lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ pé wọn ò tíì gé owó òun. P1 rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ìwé tí lọ́yà fi ránṣẹ́ sí i, ó ní òun rò pé ẹ̀dà ti àjọ náà ti wà lọ́wọ́ wọn.