Fi ọwọ́ bo A sí D ná: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ́bújẹ́tíìfù òfin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Nàìjíríà ni mo ti kọ́ òfin, mo wá ń múra ìdánwò lọ́yà ti Niu Yọ́ọ̀kì. Mo mọ òfin yẹn o. Àmọ́ tí mo bá ka ìtàn tán, méjì nínú A sí D á jọ òótọ́ lójú mi, èyí tí mo bá mú kì í sì í ṣe òun. Kí ló ń ṣe mí?

Inú A sí D lo ti ń wá òfin, àbúrò. Àwọn tó ṣe ìbéèrè mọ̀ pé ibẹ̀ lojú rẹ máa sá lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ àwọn tó ṣì kí wọ́n lè dùn ún gbà. Fi ọwọ́ bò wọ́n, kí o wá kọ́kọ́ ka ìlà tó gbẹ̀yìn ìtàn. Wo èyí:

Aago mẹ́wàá alẹ́, òjò ńlá ń rọ̀. Ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀, tí wọ́n pa dé ṣùgbọ́n tí wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ tì, ó wọlé kí òjò má bàa pa á. Kò sẹ́ni nílé. Níbi tó jókòó sí, ó rí aago góòlù kan, ó mú un, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ̀sùn ìfọ́lé kàn án lábẹ́ kọ́mọ́ọ̀nù lọ́ọ̀. Ṣé ó jẹ̀bi?

Ìparí ìtàn ti sọ ẹ̀sùn fún ọ, ó sì ti sọ òfin tí wọ́n fẹ́ kí o lò: kọ́mọ́ọ̀nù lọ́ọ̀, òfin àtijọ́ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Kí o tó padà sókè, rántí ohun tí ìfọ́lé ní nínú: kí èèyàn fọ́ ilé, kó wọ inú rẹ̀, kó jẹ́ ilé tí ẹlòmíràn ń gbé, kó jẹ́ òru, kí èrò láti hu ìwà ọ̀daràn ńlá níbẹ̀ sì ti wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Wàyí o, ka ìtàn náà láti òkè. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti parí ọ̀rọ̀ òru. "Aládùúgbò" ti parí ọ̀rọ̀ ilé ẹni ẹlẹ́ni. Ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá ti èyí tó wà ní pípadé ti fọ́lé nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ kò kàn án.

Ó wá ku "kí òjò má bàa pa á". Ìwọ bi ara rẹ pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ ìdí tó fi wọlé. Èrò ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ń wádìí: ìgbà tó ti wọlé tán lolè tó wọ̀ ọ́ lójú. Sọ ìdáhùn tìrẹ tán pátá, "Kò jẹ̀bi, torí kò ní èrò olè nígbà tó ń wọlé", kí o tó ṣí ọwọ́.

Nígbà náà, A á ní ó jẹ̀bi torí ó jalè nílé onílé lóru. B á ní ó jẹ̀bi torí títi ilẹ̀kùn tó wà ní pípadé jẹ́ fífọ́lé. C á ní kò jẹ̀bi torí wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ tì í. D ni tìrẹ. Òótọ́ ni B sọ nípa ilẹ̀kùn, ibẹ̀ gan-an ló ti ń mú èèyàn: òfin tó tọ́, tí kì í ṣe òun la bi wá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé gbólóhùn tí mo mú ni wọ́n ń wádìí lóòótọ́?

Pààrọ̀ rẹ̀, kí o wò ó bóyá ẹjọ́ á yí. Fi "láti jí tẹlifíṣọ̀n" rọ́pò òjò, kíá ló jẹ̀bi, kódà kó má rí nǹkan kan mú jáde. Sọ aago mẹ́wàá alẹ́ di ọ̀sán gangan, kò jẹ̀bi síbẹ̀. Òjò nìkan ló gbé ẹjọ́ yẹn ró.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kọ́ ọ nílé, ó lè jẹ̀bi o.

O ò parọ́, èyí ló sì ń dà wá láàmú jù, àwa tá a kàwé nílé. Ẹsẹ̀ 411 Kírímínà Kóòdù ti Nàìjíríà mú ẹni tó hu ìwà ọ̀daràn ńlá nínú ilé tán kó tó fọ́ ọ jáde. Olè wà lára ìwà bẹ́ẹ̀. Tí ọkùnrin yẹn bá ti ilẹ̀kùn padà lẹ́yìn ara rẹ̀ nígbà tó wọlé, ṣíṣí tó ṣí i láti jáde ti tó fífọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni, ẹ̀wọ̀n gbére tó bá jẹ́ òru, òru Kóòdù náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìtàn kan náà, ẹjọ́ méjì. Nítorí náà, fa ìlà sábẹ́ "kọ́mọ́ọ̀nù lọ́ọ̀" nígbàkigbà tó o bá rí i.

Ṣé àkókò á tó?

Ìbéèrè 200, wákàtí mẹ́fà: ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 48 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtàn ni kí o ná púpọ̀ nínú rẹ̀ lé lórí. Tí o bá ti ní ìdáhùn lọ́wọ́, wíwo A sí D kì í pẹ́. Àfi ìgbà tí ìlà tó gbẹ̀yìn bá ní "èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni àwíjàre tó dára jù fún olùjẹ́jọ́?" O ò lè dá irú ìyẹn dáhùn lórí. Mọ ẹni tí ò ń gbèjà àti òfin tó kàn án, kí o wá ṣí ọwọ́.