Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtúpalẹ̀ wéfúlẹ́ẹ̀tì Haar

Wéfúlẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń tú ọ̀wọ́ nọ́ńbà, ní ìpele ìpele, sí apá tó fi bó ṣe rí lápapọ̀ hàn àti apá tó fi kúlẹ̀kúlẹ̀ hàn. Èyí tí a fi orúkọ Alfréd Haar pè, onímọ̀ ìṣirò ará Họ́ńgárì tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1910, ló rọrùn jù. Asẹ́ méjì ni, nọ́ńbà méjì péré ló sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Asẹ́ kan ń mú àárín nọ́ńbà méjì, èkejì ń mú ìyàtọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ ká fi 6, 4, 9, 11, 8, 8, 3, 1 ṣe é.

Ẹ má ṣe sún asẹ́ lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ti mú 6 àti 4 tán, 9 àti 11 ló kàn, kì í ṣe 4 àti 9. Àárín 6 àti 4 jẹ́ 5, ìdajì ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ dé òpin, àárín á jẹ́ 5, 10, 8, 2. Ìdajì ìyàtọ̀, tí a ó kàn máa pè ní ìyàtọ̀, á jẹ́ 1, −1, 0, 1. Mẹ́jọ la kó wọlé, mẹ́jọ ló jáde. Bí tiyín bá ju mẹ́jọ lọ, ẹ ti sún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Ní ìpele kejì, àárín nìkan ni ká tún tú. Ẹ fi ìyàtọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. (Àwọn kan máa ń tú òun náà, àmọ́ ọ̀nà mìíràn nìyẹn.) 5, 10, 8, 2 á di àárín 7.5 àti 5, pẹ̀lú ìyàtọ̀ −2.5 àti 3. Ìpele kẹta á fún wa ní 6.25 àti 1.25:

```
6.25 | 1.25 | -2.5  3 | 1  -1  0  1
```

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: àròpọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ 50, 50 ÷ 8 sì jẹ́ 6.25.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù ni nọ́ńbà tí a fi ń pín. Àwa fi 2 pín àròpọ̀ àti ìyàtọ̀ nọ́ńbà méjì. Ọ̀pọ̀ ìwé ń fi √2 pín in. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, àfi kí ẹ pò wọ́n pọ̀. Ẹni tó fi 2 pín nígbà tó ń tú u gbọ́dọ̀ ṣe 5 + 1 kó tó rí 6 rẹ̀ gbà padà. Tó bá tún fi √2 pín in, 4.24 ló máa rí.

Èyí tó fara sin jùyẹn lọ máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ yọ ariwo, ìyẹn ìyípadà kéékèèké tí kò wúlò, kúrò nínú nọ́ńbà. Ká ní ẹnì kan sọ gbogbo ìyàtọ̀ tí kò tó 1.5 di òdo lórí ìlà òkè yẹn. 1.25 á bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló sọ fún wa pé ìdajì àkọ́kọ́ ga ju ìdajì kejì lọ. Tí a bá fi √2 pín ní ìpele kọ̀ọ̀kan, 1.25 yìí á di 3.54, nígbà tí 1 ti ìpele kìíní á di 1.41 péré. Ìwọ̀n √2 ni kí ẹ fi ṣe irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀, torí lórí rẹ̀ nìkan ni ìpele kan àti òmíràn ti ṣeé fi wéra. Ẹ sì lè dán an wò: ẹ sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. 392 ló jẹ́ kí a tó tú u, 392 náà ni lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ 2 la fi pín, á já sí 196 ní ìpele kìíní.

Nítorí náà, tí ẹ bá fi nọ́ńbà mẹ́jọ wa ṣe x, tí ẹ sì tẹ `pywt.dwt(x, 'haar')` nínú Python, tí 7.07 jáde níbi tí ẹ ti ń retí 5, kọ̀ǹpútà kò ṣìṣe: 5 × √2 ni.